Lẹ́tà ojú ìwé kan tí mo fi béèrè fún ẹ̀ka àtúnṣe ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá

Omi inú ike àti ẹlẹ́rìndòdò ni ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe ní Ìbàdàn, ọkọ̀ 16 la sì fi ń kó ọjà lọ bá àwọn oníbàárà títí dé Ọ̀ṣogbo àti Abẹ́òkúta. Èmi ni mo ń bójú tó àwọn ọkọ̀ náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń kó ètò ìṣúná ọdún 2025 rẹ̀ jọ, mo kọ ọ̀kan tó dá dúró, fún ẹ̀ka tuntun tí yóò máa tún ọkọ̀ ṣe nínú ọgbà wa dípò ká máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ìta. Ètò ìṣúná náà jẹ́ ojú ìwé mẹ́fà. Lẹ́tà tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo, lórí rẹ̀ ni mo sì lo àkókò jù, torí mo mọ̀ pé òun ni àwọn ọ̀gá máa kà tán kí wọ́n tó pinnu bóyá ìyókù yẹ ní ṣíṣí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbà gbọ́ nípa irú lẹ́tà yìí kí n tó sọ bí mo ṣe kọ ọ́. Bí èèyàn bá ní kí ilé-iṣẹ́ ra ẹ̀rọ kan, owó jáde lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀ka kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá a sílẹ̀, owó oṣù ń bẹ lóṣooṣù, owó ìfẹ̀yìntì ń bẹ, aṣọ iṣẹ́, iná, ìsinmi, gbogbo rẹ̀ á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, kódà nígbà tí ọjà kò bá tà. Ohun tó ń ba ọ̀gá lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe iye tí a kọ sísàlẹ̀ ojú ìwé. Nítorí náà, lẹ́tà tó bá da owó ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó ọdọọdún, tí kò sì sọ inú owó wo tí à ń ná lọ́wọ́lọ́wọ́ ni owó tuntun náà yóò ti wá, kò tíì dáhùn ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni tó ń kà á, bó ti wù kó dùn tó.

Mo kọ́kọ́ lọ wá owó tí à ń ná tẹ́lẹ̀. Èyí kò rọrùn, torí pé kò sí ibì kan tó ti wà pọ̀. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì wà lábẹ́ "àtúnṣe", owó páàtì wà lábẹ́ "ohun èlò ọkọ̀", owó tí a fi fa ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà wọlé wà lára ìnáwó kéékèèké, owó ọkọ̀ tí a háyà nígbà tí tiwa bá bàjẹ́ sì wà lábẹ́ ẹ̀ka títa ọjà, kò tilẹ̀ sí lọ́dọ̀ mi. Mo mú oṣù 12, láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, mo sì tú fáìlì rìsíìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì àti rewáyà jẹ́ mílíọ̀nù 14.4 náírà. Páàtì jẹ́ mílíọ̀nù 22.7. Fífa ọkọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4.5. Ọkọ̀ háyà jẹ́ mílíọ̀nù 11.4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 53. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé-iṣẹ́ tó ti rí iye yẹn lójú kan rí, torí ibi mẹ́rin ni ó fọ́n ká sí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá iye ọjọ́ tí ọkọ̀ fi ń dúró. Ìwé géètì ló ràn mí lọ́wọ́ jù níbí. Àwọn ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tó bá jáde àti nígbà tó bá wọlé, nítorí náà ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ní ọjọ́ iṣẹ́ kan, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló wà tàbí ó jókòó sínú ọgbà. Mo fi ìwé tí a fi ń bu dísù wé e kó lè dá mi lójú. Nínú oṣù 12 náà, ọjọ́ 372 ni ọkọ̀ wa fi dúró ní àpapọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí a ṣe lo ọjọ́ wọ̀nyẹn: 241 nínú wọn, tó sún mọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀. Ọkọ̀ ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tàbí ó ń dúró de páàtì tí ẹnì kan ń lọ rà. Bíréèkì tí wákàtí mẹ́ta tó láti tún ṣe ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí ẹ̀ka tuntun lè ṣe ìrànwọ́ jù gan-an nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà.

Mo wá pín iṣẹ́ àtúnṣe sí méjì: èyí tí ọwọ́ wa lè tó, àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Pípààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, bíréèkì, ṣọ́kì, bíárìn, táyà, iná ọkọ̀, gbogbo wọn ni mẹkáníìkì méjì àti rewáyà kan lè ṣe nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ ìtúpalẹ̀, jíà tó bàjẹ́ nínú, àti póǹpù dísù tí a gbọ́dọ̀ gbé sórí ẹ̀rọ ìdíwọ̀n, ó ṣì máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Rìsíìtì fi hàn pé irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kó mílíọ̀nù 4.4 nínú mílíọ̀nù 14.4 tí a san fún iṣẹ́. Ohun tí ẹ̀ka yóò gbà sílẹ̀ lórí owó iṣẹ́ kò ju mílíọ̀nù 10 lọ nìyẹn, mo sì dúró lórí rẹ̀. Mo ti rí ètò ìṣúná ibòmíràn tí wọ́n ti kọ pé owó àtúnṣe ìta yóò di òdo. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ nínú àwọn alákòóso yóò kàn rẹ́rìn-ín ni, kò sì ní gba ìyókù gbọ́ mọ́.

Ní ti páàtì, mo mú àwọn tí a ń rà jù lọ nínú rìsíìtì, mo gbé orúkọ àti nọ́ńbà wọn lọ sí ọjà páàtì Ararọ̀mí ní Géètì, mo sì gba iye wọn lọ́wọ́ oníṣòwò bíi mélòó kan. Iye ọjà fi ìdá 12 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí iye tí mẹkáníìkì ń kọ fún wa, ó yàtọ̀ láti páàtì sí páàtì. Ìdá 15 ni mo lò. Èyí jẹ́ mílíọ̀nù 3.4 lọ́dún.

Ibí yìí ni mo ti rí ohun tó di ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ́tà náà. Mílíọ̀nù 10 lórí owó iṣẹ́ àti mílíọ̀nù 3.4 lórí páàtì jẹ́ owó tí mo lè fi rìsíìtì gbè lẹ́yìn. Wọn kò nílò pé kí ọkọ̀ dín bíbàjẹ́ kù. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 1.5 tí mo rò pé a ó gbà sílẹ̀ lórí fífa ọkọ̀, àti mílíọ̀nù 5.7 lórí ọkọ̀ háyà, ìyẹn ìdajì rẹ̀, ìrètí ni wọ́n. Wọ́n dá lórí pé ọkọ̀ yóò máa tètè padà sójú ọ̀nà. Mo kọ wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo pe àkọ́kọ́ ní owó tó dájú, mo pe èkejì ní owó tí a ń retí. Mílíọ̀nù 13.4 dájú, mílíọ̀nù 7.2 ni à ń retí.

Owó tí ẹ̀ka yóò máa jẹ lọ́dún ló kù. Èèyàn mẹ́rin ni: olórí ẹ̀ka, mẹkáníìkì méjì, rewáyà kan. Owó oṣù wọn pọ̀ tó 760,000 náírà, ìyẹn mílíọ̀nù 9.12 lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ètò ìṣúná ń dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó oṣù nìkan kọ́ ni agbanisíṣẹ́ ń san. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10 lórí owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀, yàtọ̀ sí ìdá 8 tí òṣìṣẹ́ ń san lápò ara rẹ̀. Ìdá kan tún ń lọ sí NSITF fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ìdá kan sì ń lọ sí ITF fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Mo fi ìdá 12 lé gbogbo rẹ̀, ó di mílíọ̀nù 10.21. Gírísì, àkísà, iná, aṣọ iṣẹ́, bàtà onírin, ìbọ̀wọ́, àti owó kíkọ́ṣẹ́ díẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2.79. Ó di mílíọ̀nù 13 gérégé. Ẹ wò ó: owó tó dájú, mílíọ̀nù 13.4, borí owó ọdọọdún, mílíọ̀nù 13, láìsí pé a fi ìrètí kankan kún un.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá olórí ẹ̀ka ìnáwó wa kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sínú lẹ́tà. Mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó bá ń béèrè owó ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni àwọn ọ̀gá yóò yíjú sí lọ́jọ́ ìpàdé. Màdáámù wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ọ̀gá ọkọ̀, ìgbà wo lẹ rò pé owó tó dájú yìí máa bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní láti ọjọ́ tí ẹ̀ka bá ti bẹ̀rẹ̀ ni.

"Rárá o. Ẹ ó gba èèyàn síṣẹ́ ní oṣù kìíní, ẹ ó sì san owó oṣù wọn. Ṣé irinṣẹ́ á ti pé nígbà yẹn? Ṣé ilẹ̀ ibi iṣẹ́ á ti gbẹ? Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ó máa san owó ti inú ilé, ẹ ó sì máa san ti ìta. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe máa rí."

A jókòó, a sì ṣe é pọ̀. Owó ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 16.7. Owó ọdún kìíní jẹ́ mílíọ̀nù 13. Owó tí a ó gbà sílẹ̀, bí a bá ka oṣù mẹ́sàn-án péré nínú ọdún náà, jẹ́ mílíọ̀nù 15.45. Èyí túmọ̀ sí pé mílíọ̀nù 14.25 ni yóò kúrò lápò ilé-iṣẹ́ ní ọdún kìíní. Láti ọdún kejì, mílíọ̀nù 7.6 ni yóò máa wọlé padà lọ́dún. Bí èèyàn bá fi 7.6 pín 16.7 lásán, yóò rí oṣù 26. Bí a bá ka oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sí i bó ṣe yẹ, ó di oṣù 35. Oṣù 35 ni mo kọ sínú lẹ́tà. Ó gùn ju 26 lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣí ojú ìwé kẹrin kó rí i pé ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màdáámù tún ní kí n ya mílíọ̀nù 4.5 tí a ó fi ra páàtì ìbẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó irinṣẹ́. Páàtì tó wà ní sítọ́ọ̀ ṣì jẹ́ ọjà, a lè lò ó, a lè tà á; ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tí a bá ti dà sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọ̀gá tó bá ń ronú nípa bí nǹkan ṣe lè yí padà yóò fẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì wa, òun náà sì ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Bó ṣe lọ nìyí ní Yorùbá, yàtọ̀ sí orúkọ àti nọ́ńbà fáìlì tí mo yọ kúrò:

"Sí Alákòóso Àgbà, nípasẹ̀ Olórí Ẹ̀ka Ìnáwó.

Ìbéèrè fún ìfọwọ́sí: Ẹ̀ka Àtúnṣe Ọkọ̀, ọdún ìṣúná 2025.

Mo ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ ẹ̀ka àtúnṣe ọkọ̀ tí yóò ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ wa, láti oṣù kìíní ọdún 2025. Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́ mílíọ̀nù 16.7 náírà. Owó rẹ̀ lọ́dọọdún jẹ́ mílíọ̀nù 13 náírà.

Ní oṣù 12 tó parí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, mílíọ̀nù 53 ni a ná lórí àtúnṣe, páàtì, fífa ọkọ̀ àti ọkọ̀ háyà. Ọjọ́ 372 ni ọkọ̀ wa fi dúró. Ní ọjọ́ 241 nínú wọn, ọkọ̀ ń dúró de mẹkáníìkì tàbí páàtì ni.

Ẹ̀ka yìí yóò dín mílíọ̀nù 13.4 kù lọ́dún lára owó iṣẹ́ ìta àti owó páàtì. Rìsíìtì wà fún èyí, ó sì tó owó ọdọọdún ẹ̀ka náà láìsí ìrètí mìíràn. A tún ń retí mílíọ̀nù 7.2 lórí fífa ọkọ̀ àti ọkọ̀ háyà. Bí ìrètí yìí bá ṣẹ, owó ìbẹ̀rẹ̀ yóò padà wá ní oṣù 35. Bí kò bá ṣẹ rárá, ẹ̀ka yóò bọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dá owó ìbẹ̀rẹ̀ padà.

Owó tí yóò kúrò lápò wa ní ọdún kìíní, lẹ́yìn ohun tí a bá gbà sílẹ̀, jẹ́ mílíọ̀nù 14.25. Mílíọ̀nù 4.5 nínú owó ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ páàtì tí yóò wà ní sítọ́ọ̀.

Ẹ̀ka yìí kò ní tú ẹ́ńjìnnì, jíà tàbí póǹpù dísù. Mílíọ̀nù 4.4 ṣì wà fún ìyẹn lọ́dọ̀ àwọn ti ìta.

Sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ ni yóò máa yọ̀ǹda páàtì, kì í ṣe ẹ̀ka náà. A kò sì ní gba tuntun láì dá ògbólógbòó padà.

Ní òpin oṣù kẹsàn-án, èmi àti Ẹ̀ka Ìnáwó yóò mú iye tí a san fún iṣẹ́ ìta wá síwájú yín. Bí kò bá tíì dín kù dé ìdajì ti ìsinsìnyí, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i fún ọdún 2026.

Iye irinṣẹ́ jẹ́ ti ìwé ìdíyelé tó wà nínú àsomọ́ kejì, owó orí ọjà ìdá 7.5 sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 14 ni àwọn oníṣòwò fi dúró lórí iye náà. Mo ti fi mílíọ̀nù 1.5 pamọ́ fún ìyípadà iye.

Àsomọ́: ètò ìṣúná, ìwé ìdíyelé, àkójọ rìsíìtì àti ìwé géètì."

Ẹ ó rí i pé gbólóhùn àkọ́kọ́ ti sọ ohun tí mo fẹ́. Kò sí "mo kí yín", kò sí ìtàn ilé-iṣẹ́. Nílé, a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkí i, mo sì mọ̀ pé ó lè dà bíi pé ó gbẹ lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí lẹ́tà ọ́fíìsì ń bù fún ọ̀gá ni pé kó má ṣe gba àkókò rẹ̀, ìlà "nípasẹ̀" tó wà lókè sì ti fi hàn pé mi ò fo ẹnikẹ́ni. Ìlà yẹn kéré, ó sì wúwo. Ó túmọ̀ sí pé Màdáámù yóò fọwọ́ sí i pé òun ti rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà, lẹ́tà tí ẹ̀ka ìnáwó bá sì ti fọwọ́ sí kì í padà wá pẹ̀lú "ẹ lọ bá ìnáwó sọ ọ́".

Gbólóhùn tó sọ pé bí ìrètí kò bá ṣẹ, owó ìbẹ̀rẹ̀ kò ní padà, ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka títa ọjà ní kí n yọ ọ́. Ó ní mo ń fún wọn ní ìdí láti kọ̀. Mi ò yọ ọ́. Ọ̀gá àgbà wa jẹ́ ẹni tó máa ń béèrè ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀, bí kò bá sì rí i nínú lẹ́tà, yóò ṣe ìṣirò tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tirẹ̀ á sì burú ju tèmi lọ. Bí mo ti kọ ọ́, ohun tó burú jù ní iye, iye náà sì jẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ lè fara dà.

Ìlà nípa sítọ́ọ̀ náà, mo fi í síbẹ̀ nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀ tí a kì í sọ. Níbi tí ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe bá tún ni ẹni tó ń ra páàtì, tó tún ni ẹni tó ń pa á mọ́, páàtì máa ń rìn. Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Mo kàn sọ pé ọwọ́ mẹ́ta ni yóò máa kan páàtì kan: ẹ̀ka béèrè, ọ́fíìsì ìràjà rà á, sítọ́ọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, ògbólógbòó sì ń padà wá kí tuntun tó jáde. Ojú ìwé karùn-ún ètò ìṣúná ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà kan péré ni mo fi sínú lẹ́tà.

Ní ti ọjọ́ 14 tí ìwé ìdíyelé fi ń ṣiṣẹ́: láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kò sí oníṣòwò irinṣẹ́ tó ń fẹ́ kọ iye kan kó sì dúró lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kọ́mpúrẹ́sọ̀, jáàkì ńlá, ẹ̀rọ tí a fi ń ka àìsàn ọkọ̀, òkèèrè ni wọ́n ti ń wá. Tí lẹ́tà kò bá sọ ọjọ́ tí a gba iye, tí ìpàdé sì sún síwájú, ẹni tó kọ lẹ́tà ni yóò padà wá tọrọ àfikún, ojú tí a ó fi wò ó lẹ́ẹ̀kejì á sì yàtọ̀. Mo tún bi oníṣòwò kọ̀ọ̀kan bóyá owó orí ọjà wà nínú iye tó kọ. Àwọn kan kò fi í kún un, èmi ni mo fi í kún un kí n tó ro àpapọ̀.

Kí n tó tẹ lẹ́tà náà jáde, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò ìṣúná, mo sì fi ìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti ibí sí ọ̀hún. Bí iye owó oṣù bá yí padà nínú ìwé ìṣirò, àpapọ̀ ibẹ̀ á yí fúnra rẹ̀. Ti inú lẹ́tà kò ní yí. Nọ́ńbà méjì tí kò bára mu láàárín lẹ́tà àti àsomọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí akáwùńtáǹtì ń wá. Bí ó bá rí ọ̀kan, yóò fura sí gbogbo ìyókù. Bákan náà ni mo bá olórí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ jókòó kí owó oṣù àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè bá ìpele tí ilé-iṣẹ́ ti là sílẹ̀ mu. Bí mẹkáníìkì tuntun bá ń gba ju ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìrọmi sínú ike lọ, ìjà á bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀ka tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n pè mí sí ìpàdé àwọn alákòóso ní ìparí oṣù kọkànlá. Ìwé géètì ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀gá títa ọjà kò gbà pé ọjọ́ 241 lè jẹ́ ti ìdúró lásán, ó ní kí n fi ọkọ̀ kan hàn òun. Mo ṣí àsomọ́ sí ọkọ̀ tó máa ń lọ sí Ọ̀ṣogbo: ó wọlé pẹ̀lú ariwo bíréèkì ní ọjọ́ Ajé, mẹkáníìkì kò rí àyè títí di Ọjọ́rú, páàtì dé ní Ọjọ́bọ̀, ó sì jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Ó wò ó, ó wo rìsíìtì ọkọ̀ háyà tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, kò sì tún béèrè mọ́.

Ọ̀gá àgbà kò béèrè nípa oṣù 35 rárá. Ohun tó béèrè ni ìdí tí rewáyà fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní nígbà tí ibi iṣẹ́ kò tíì parí. Ìbéèrè tó dáa ni. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ kò pọ̀ tó ti bíréèkì àti ọ́ìlì, ti ìta sì lè máa ṣe é di oṣù kẹrin. Ó tún ní kí a má ra páàtì mílíọ̀nù 4.5 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká fi mílíọ̀nù 2.5 bẹ̀rẹ̀, ká ra mílíọ̀nù 2 tó kù nígbà tí sítọ́ọ̀ bá ti fi hàn wá àwọn tó ń tètè tán.

Wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lú àtúnṣe méjèèjì. Mo tún lẹ́tà náà kọ, torí pé mi ò fẹ́ kí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní nọ́ńbà tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Sísún rewáyà síwájú dín owó ọdún kìíní kù pẹ̀lú nǹkan bíi 540,000 náírà tí a bá ka ìdá 12 mọ́ ọn, nítorí náà owó tí yóò kúrò lápò di mílíọ̀nù 13.71, oṣù 35 sì di 34. Ti páàtì kò yí àpapọ̀ padà, ìgbà tí owó náà yóò jáde nìkan ló yí. Lẹ́tà kejì gba nọ́ńbà fáìlì kan náà, mo kọ "àtúnkọ" sí i, mo sì fi ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè kéde iṣẹ́, ọ̀kan lọ sí sítọ́ọ̀, ọ̀kan sí ọ́fíìsì ìràjà. Ohun kan tí mo bẹ Màdáámù fún kí ọdún tuntun tó wọlé ni kóòdù ìnáwó tó dá dúró fún ẹ̀ka náà, yàtọ̀ sí ti ọkọ̀, àti òmíràn fún iṣẹ́ tí a bá ṣì gbé lọ síta. Ó ṣí méjèèjì. Bí owó bá tún fọ́n ká sí ibi mẹ́rin bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè sọ ní òpin oṣù kẹsàn-án bóyá a ti dín iṣẹ́ ìta kù dé ìdajì tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.